Oníbàárà mi ní kí a kúrò lórí Upwork: ṣé àsìkò ti tó?

Olùṣírò Kúbwà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe láti ilé ní Kúbwà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Ìlú Ọba. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni mo ti ń bá obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé ṣiṣẹ́ lórí ojú-òpó iṣẹ́ Upwork, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, dọ́là 14 fún wákàtí kan, ó sì ti pé oṣù 15 báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kọ̀wé sí mi pé kí n fún òun ní nọ́ńbà àkáǹtì mi kí òun máa sanwó fún mi tààrà, kí ojú-òpó má baà máa bù nínú rẹ̀ mọ́. Ṣé kí n gbà? Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ya àwòrán ìpolówó náà sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ bóyá Upwork ni kí òun wọ̀ tàbí Fiverr. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó wọ̀, àti ìgbà tó yẹ kó jáde?

Ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná

Ẹ gbà á lónìí. N kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa san ìṣákọ́lẹ̀ lórí oníbàárà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú láti ọdún tó kọjá. Ohun tí mo gbọ́ ni pé tí ẹ bá ti bá ènìyàn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kò sí ẹni tó lè mú yín mọ́. Ẹ kàn pè é lórí fóònù, ẹ má kọ ohunkóhun sílẹ̀, ó parí.

Ní ti àbúrò yín, Fiverr ni kó wọ̀. Èmi náà ayàwòrán ni mí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun láti ọdún mẹ́rin. Oníbàárà ló ń wá ọ wá síbẹ̀, o kò ní máa fi owó ara rẹ ra Connects kí o tó lè tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lè má tilẹ̀ ka ìwé rẹ.

Bàbá Tómi, Gwàrìnpá

Ọmọ Ọ̀fà, o ṣeun, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ rẹ kó má baà kó arábìnrin yìí sí wàhálà. Kì í ṣe ọdún kan. Oṣù 24 ló wà nínú àdéhùn tí gbogbo wa tẹ bọ́tìnì pé a gbà nígbà tí a wọ Upwork, ìgbà tí ìwọ àti oníbàárà kọ́kọ́ pàdé níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á. Títí oṣù 24 náà yóò fi pé, orí ojú-òpó yẹn ni gbogbo owó iṣẹ́ tó bá wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà kọjá, àfi tí ẹ bá san owó ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó yọ́ jáde, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ̀ pa, gbogbo ìràwọ̀ tó ti fi ọdún kó jọ níbẹ̀ yóò sì bá a lọ.

Àbúrò mi ní Kúbwà, jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ náà nìyẹn. Oṣù Kẹwàá ọdún 2026 ni oṣù 24 rẹ yóò pé. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 39. Àdéhùn tìrẹ ti wà kí wọ́n tó yí iye owó wọn padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nítorí náà ìdá mẹ́wàá géérégé ni wọ́n ń yọ. Ti àwọn àdéhùn tuntun ti yàtọ̀: ó lè jẹ́ òdo, ó lè dé 15 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn yóò sì fi iye náà hàn ọ́ kí o tó fi ìbéèrè iṣẹ́ ránṣẹ́. Wákàtí 20 ní dọ́là 14 jẹ́ dọ́là 280 lọ́sẹ̀, wọ́n ń mú dọ́là 28 níbẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 39, ó jẹ́ dọ́là 1,092. Gbogbo èrè tó wà nínú yíyọ́ jáde nìyẹn, o kò sì ní rí gbogbo rẹ̀, nítorí pé gbígba owó tààrà náà ní ohun tó ń ná ènìyàn.

Ó tún ku ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò. Tí o bá sọ fún obìnrin náà pé dọ́là 16 ni wákàtí rẹ báyìí, ọ̀sẹ̀ kan yóò di dọ́là 320. Kí Upwork yọ 32 níbẹ̀, 288 ni yóò dé ọwọ́ rẹ. Ìyẹn sì ju 280 tí ìwọ ì bá gbà tààrà lọ. Dọ́là méjì péré lórí wákàtí ṣe ju ohun tí jíjáde lè ṣe lọ, o kò sì fi ohunkóhun wéwu. Oṣù 15 lo ti bá a ṣe láìbẹ̀bẹ̀ fún àfikún. Kò sí ẹni tó máa sọ pé o ṣe ojúkòkòrò.

Ṣùgbọ́n sọ fún mi: nígbà wo ni obìnrin náà sọ pé òun yóò máa san owó tààrà yẹn?

Olùṣírò Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ìṣirò dọ́là 16 yẹn dùn mí, nítorí pé owó àwọn ẹlòmíì ni mo ń ṣírò ní gbogbo ọjọ́. Ó ní ìparí oṣù ni, lẹ́yìn tí òun bá ti wo ìwé owó tí mo bá fi ránṣẹ́. Ènìyàn dáadáa ni, kò tíì bá mi jiyàn rí.

Bàbá Tómi, Gwàrìnpá

Mo gbà pé ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n wo bí owó ṣe ń wọlé fún ọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ máa ń parí ní agogo kan òru Ajé lọ́dọ̀ wa níbí, ojú-òpó ló ń gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dé ọwọ́ rẹ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ gan-an, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bíi méjì ló wà níta. Tí o bá sì lo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, tí o ń kọ ohun tí o ń ṣe sí i, Upwork ní ètò tó ń dáàbò bo àwọn wákàtí yẹn kódà tí káàdì oníbàárà bá kọ̀.

Tí o bá wá lọ tààrà pẹ̀lú ìparí oṣù, wàá ti ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí o tó kọ ìwé owó. Dọ́là 1,120 nìyẹn, ó sì ju 1,092 tí o fẹ́ dá sí ní oṣù mẹ́sàn-án lọ. Oṣù kan ṣoṣo tí kò bá san ti jẹ gbogbo èrè náà tán. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ olè. Ọjà lè kú, ọkọ rẹ̀ lè ṣàìsàn, ó lè ta ilé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì tí kò mọ̀ ọ́ rí. Ta ni yóò ti Kúbwà lọ sí kóòtù ní Ìlú Ọba nítorí dọ́là 1,120?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbà tí owó ń wọlé ni mo máa ń kọ́kọ́ yanjú kí n tó gba oníbàárà tààrà, ti iye owó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tèmi ń san owó oṣù ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, kí n tó ṣí ìwé wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni mo ń kọ ìwé owó sí i, mo sì ń fún un ní ọjọ́ méje. Bí ọjọ́ kẹwàá bá kọjá láìsí owó, iṣẹ́ dúró. Inú lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú ìfitónilétí ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ kúrò.

Ìyá Àdùkẹ́, Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gba iṣẹ́ tààrà láti Àbújá o. Èmi ń túmọ̀ èdè, mo sì ṣe iṣẹ́ fún ọ́fíìsì kan ní Wúsè, ojú-ìwé 140 láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Haúsá, èmi àti ẹnìkejì mi. Wọ́n ní fáìlì ti wà lórí tábìlì ọ̀gá. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń wọ mọ́tò láti Jọ́ọ̀sì. Ìdajì ni wọ́n san ní ìkẹyìn, ìdajì yòókù ṣì wà lórí tábìlì yẹn. Lórí ojú-òpó, ó kéré tán, owó ti wà nílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Olùṣírò Kúbwà

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Oníbàárà tèmi kò sí ní Àbújá, Ìlú Ọba ló wà, èmi ni mo wà ní Àbújá.

Ìyá Àdùkẹ́, Jọ́ọ̀sì

Mo ti tún un kà, ọmọ mi, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n tábìlì wà ní Ìlú Ọba náà.

Rájí, Sábọ̀n-Gàrí Kánò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fara mọ́ ìṣirò Bàbá Tómi, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ ń ṣe bí ẹni pé orí ojú-òpó ni ilé ààbò. Ààbò ibẹ̀ ní ihò. Nígbà kan, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ládùúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ sì bàjẹ́. Mo fi kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, mo sì fi ọwọ́ kọ wákàtí náà sílẹ̀ lórí ojú-òpó kan tí n kò ní dárúkọ. Oníbàárà ní òun kò gbà. Wọ́n dá owó padà fún un, nítorí pé wákàtí tí ènìyàn bá fi ọwọ́ kọ kò sí lábẹ́ ààbò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Zàríà sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pé kó wá fi ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Oníbàárà mẹ́rin ló ní, kò sì ní ímeèlì ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìbéèrè náà kì í ṣe ìgbà tí a ó mú oníbàárà ojú-òpó jáde. Ẹ fi obìnrin aláṣọ ọmọdé sílẹ̀ níbi tó wà. Àwọn tí ẹ kò bá pàdé lórí Upwork rárá ni kí ẹ máa wá báyìí, nítorí pé kò sí àdéhùn kankan tó dè yín lórí tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìṣirò owó fún Ìlú Ọba ní àǹfààní ńlá lọ́dún yìí. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2026, ìjọba wọn sọ ọ́ di dandan kí àwọn adáṣẹ́-ara-ẹni-ṣe àti àwọn onílé tó ń gba owó ilé máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ sọ́fítíwíà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí owó tó ń wọlé fún wọn bá ti ju pọ́n-ùn 50,000 lọ lọ́dún. Lọ́dún 2027, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 30,000. Ẹni tó ti ń kó rìsíìtì sínú àpótí bàtà fún odindi ọdún yóò wá nílò ẹni tí yóò máa tò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ bá àwọn alápótí bàtà náà. Ẹ lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ olùṣírò kéékèèké, àwọn tó ní òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ 40 wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò ni wọn yóò fún yín: kíkó owó bánkì inú Xero tàbí QuickBooks bára mu, wíwá rìsíìtì tó sọnù. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè fún yín ní ìwé ìṣirò oníbàárà mẹ́wàá, owó ìwé kọ̀ọ̀kan lóṣù sì ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ wákàtí. Ẹ ṣe ìwé kan fún wọn gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò, kí wọ́n san owó rẹ̀, kí ẹ sì wo iye ọjọ́ tó gbà wọ́n láti san án. Ìyẹn yóò sọ ohun tí àwọn oṣù tó ń bọ̀ yóò dà.

Ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná

Mo ti gbọ́ ti oṣù 24, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi lóhùn lórí Fiverr. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, kò sí Connects.

Bàbá Tómi, Gwàrìnpá

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé lóòótọ́, Ọmọ Ọ̀fà, àmọ́ nígbà ìjáde owó ni wọ́n ń gba tiwọn: 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo iṣẹ́, títí láé, owó náà sì tún máa ń jókòó fún ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí fún àwọn tí kò tíì dé ipele òkè. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Connects jẹ́ sẹ́ńtì 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìbéèrè iṣẹ́ kan bá gba 16, dọ́là 2.40 ni, ogún irú rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 48. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà pípẹ́, bíi ti olùṣírò wa, ìbéèrè kan tó bá bọ́ sí i lè jẹ́ oúnjẹ ọdún kan, nítorí náà 48 kò tó nǹkan. Ẹni tó ń ya àwòrán ìpolówó ọgbọ̀n dọ́là tó parí lọ́jọ́ méjì, iṣẹ́ méjì lè lọ sórí Connects nìkan. Irú iṣẹ́ tó lójú òpin, tí a lè kọ iye rẹ̀ sára rẹ̀ bí ẹni ń ta ọjà, ni Fiverr dára fún. Níbẹ̀, òótọ́ lo sọ.

Ohun tí n kò gbà ni pé oníbàárà yóò kàn wá. Kí àbúrò yìí tó forúkọ sílẹ̀, kó ṣe bí ẹni tó fẹ́ rajà. Kó wá irú àwòrán tó ń yà gan-an lórí Fiverr, kó wá àwọn tí ẹ̀rí oníbàárà wọn kò tíì tó ogún, kó sì wo ọjọ́ tí wọ́n gba èyí tó kẹ́yìn. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá rí iṣẹ́ ní oṣù tó kọjá, ilẹ̀kùn ṣì ṣí fún ẹni tuntun. Tó bá jẹ́ àwọn tó ní ẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ nìkan ló ń rí iṣẹ́, kó dín ohun tó ń tà kù: kó má ta “àwòrán ìpolówó”, kó ta àwòrán ìpolówó fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fún ilé oúnjẹ. Lórí Upwork, kó ka ìpolongo iṣẹ́ mẹ́wàá. Kó wo bóyá wọ́n ti fìdí owó oníbàárà múlẹ̀, bóyá ó ti gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ rí, àti bóyá ìbéèrè ti ju àádọ́ta lọ. Tí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ti kún bẹ́ẹ̀, kí dọ́là 48 rẹ̀ sinmi.

Ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná

Ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi ni mo ń ṣe é. Kó wá ti ilé oúnjẹ.

Olùṣírò Kúbwà

Ẹ̀rín pa mí. Mo ti dá obìnrin náà lóhùn lórí Upwork gan-an, n kò pè é. Mo sọ fún un pé àdéhùn kò jẹ́ kí n gba owó níta títí di oṣù Kẹwàá, pé tó bá kánjú, ó lè béèrè iye tí owó ìtúsílẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ wọn, àti pé láti oṣù tó ń bọ̀, dọ́là 16 ni wákàtí mi. Ó fèsì lónìí. Ó ní òun kò mọ̀ pé òfin bẹ́ẹ̀ wà, pé òun náà ń san tòun lórí owó mi ni òun ṣe sọ ọ́. Ó gbà dọ́là 15. Mo ti ṣírò rẹ̀: 270 lọ́sẹ̀ ni yóò máa dé ọwọ́ mi dípò 252, mo sì ti gbà.

Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ olùṣírò mẹ́fà ní Ìlú Ọba bí ẹ̀gbọ́n Rájí ṣe wí. Ìbéèrè mi tó kù ni pé oníbàárà tààrà mélòó ni mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó dẹ́kun wíwá iṣẹ́ lórí Upwork?

Bàbá Tómi, Gwàrìnpá

Méjì, tí àwọn méjèèjì bá ti san lásìkò fún oṣù mẹ́ta léra wọn, tí owó wọn sì gbé owó ilé, dátà àti epo. Má ti àkáǹtì náà o. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹnìkan ṣì máa bá ọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ìràwọ̀ rẹ má baà gbó.

Rájí, Sábọ̀n-Gàrí Kánò

Mẹ́ta ni tèmi. Tí ọ̀kan bá lọ nínú méjì, ìdajì oúnjẹ ti lọ nìyẹn, àárín oṣù ni wọ́n sì máa ń lọ. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ olùṣírò kan tó ní ìwé mẹ́wàá, ẹni kan ni mo kà á sí, kì í ṣe mẹ́wàá.

Bàbá Tómi, Gwàrìnpá

Mẹ́ta yóò gbà á ní ọdún kan gbáko, Rájí. Ní ọdún yẹn, yóò máa san owó tó lè dé 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àdéhùn tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sí i.

Rájí, Sábọ̀n-Gàrí Kánò

Kó san án. Èmi san án fún oṣù 14.

Olùṣírò Kúbwà

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì. Ó ní kí n ṣe ìwé oníbàárà kan fún òun wò, pọ́n-ùn 45. Ó béèrè bóyá ìparí oṣù ni òun lè san án.

Bàbá Tómi, Gwàrìnpá

Ọjọ́ méje.